Nígbà tí Orin Ẹnu Bá Ń Rẹlẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi tí Ohùn Ti Ń Jò

Ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan dìde, ènìyàn mẹ́fà péré, láìsí ìlù, láìsí dùùrù. Wọ́n mú ohùn, orin bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn. Nígbà tí wọn yóò fi parí ẹsẹ̀ kẹta, orin ti sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó fura: ohùn tí ó rọrùn fún un ní ẹsẹ̀ kìíní kò jáde mọ́ ní ẹsẹ̀ kẹta. Bí dùùrù bá sì ní láti dara pọ̀ mọ́ wọn ní ẹsẹ̀ kẹrin, ìtìjú dé, nítorí pé dùùrù kò kúrò ní ipò tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti kọrin nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ó sì mọ àṣẹ tí olórí akọrin máa ń pa: «Ẹ gbé ohùn sókè!» Ní èdè wa, àṣẹ yìí ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè túmọ̀ sí pé kí a kọrin kíkan sí i, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí a gun òkè lórí àtẹ̀gùn ohùn. Ohun kejì ni olórí ń fẹ́, èkíní ni àwọn akọrin máa ń ṣe. Ariwo wá pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ẹnikejì rẹ̀ mọ́, orin sì ń rẹlẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kò ju ọ̀kan lọ. Orin kì í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ibi méjì tàbí mẹ́ta pàtó ni ó ti máa ń jò, ibì kan náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò tí ó lu ti máa ń jò ní ojú ihò rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ojú ihò náà yóò rí i dí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa bá gbogbo ìkòkò wí.

Irin tí kì í gbàgbé

Etí ènìyàn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé etí ń bá ohùn sọ̀ kalẹ̀ ni. A nílò ohun kan tí kì í yí padà. Díápásọ̀nù ni à ń wí, irin kékeré alápá méjì tí Jọ́ọ̀nù Ṣọ́ọ̀, afọnkàkàkí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1711. Bí a bá fi apá rẹ̀ gbá orúnkún, tí a sì fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀yìn etí, ẹni tí ó mú un yóò gbọ́ ohùn lá, ohùn tí ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpérò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fìdí iye yìí múlẹ̀ ní ọdún 1939. Ṣáájú ìgbà náà, òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1859 ti fi tirẹ̀ sí 435. Nítorí náà, bí díápásọ̀nù yín bá jẹ́ ogún àtijọ́, ẹ wo ohun tí a kọ sí i lára kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa orúkọ àwọn ohùn kí a má baà dàrú. Ọ̀pọ̀ ìwé orin tí ó ti Nàìjíríà wọlé tọ̀ wá máa ń pe ohùn ilé orin ní «dó», ibi yòówù kí orin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ elédè Faransé, dó kì í ṣípò, lá kì í ṣípò. Ọ̀nà kejì yìí ni a óò tẹ̀ lé, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí a lè sọ pé orin bẹ̀rẹ̀ ní fá, ó sì parí ní mí.

Ẹsẹ̀ orin kan lábẹ́ àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí a mú orin kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ fá. Ìlà mẹ́rin ni ó wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlà kìíní gbéra láti fá, ó sì dúró ní lá. Ìlà kejì gòkè láti lá dé dó, ó pe dó náà nígbà márùn-ún léra wọn, ó sì parí síbẹ̀. Ìlà kẹta sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: dó, sí bẹ́mọ́ọ̀lù, lá, sọ́ọ̀lì, fá, ó wá padà dúró ní sọ́ọ̀lì. Ìlà kẹrin gba ọ̀nà sọ́ọ̀lì àti mí padà sí ilé, ní fá.

Ẹgbẹ́ wa ẹlẹ́ni mẹ́fà kọ ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, a sì fi ẹ̀rọ tí ń ka ìgbọ̀nrìrì ohùn lórí fóònù wo fá tí ó wà ní ìparí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fá tòótọ́ ń gbọ̀n nígbà 349 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní òpin ẹsẹ̀ kìíní, ó ti di 342. Ní òpin ẹsẹ̀ kejì, 336. Ní òpin ẹsẹ̀ kẹta, 330. Mí gan-an ni 330 yìí. Orin ti sọ ìdajì ìgbésẹ̀ kan nù ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdajì ìgbésẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé àdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmì ni èyí pé ibì kan náà ni ohùn ti ń jò ní gbogbo ìgbà.

Báwo ni a ṣe ń rí ibẹ̀? A kì í kọ gbogbo ẹsẹ̀ tán kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. A ó mú ohùn láti ara díápásọ̀nù, a ó kọ ìlà kìíní nìkan, olórí yóò sì gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè di ohùn ìparí mú. Olórí yóò fi irin sí etí. Bí ohùn irin àti ohùn ẹgbẹ́ bá ṣe ọ̀kan, ó dára. Bí wọ́n bá súnmọ́ra láì dọ́gba, a óò gbọ́ tí ohùn méjèèjì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí akọrin bá wà ní 437 tí irin wà ní 440, ìmìtìtì náà yóò jẹ́ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìlà bá parí sí ohùn mìíràn tí kì í ṣe lá, olórí yóò fi dùùrù kan ohùn náà ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì pa á lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà, a ó tún mú ohùn tuntun láti ara irin, a ó sì kọ ìlà kejì nìkan. Mímú ohùn tuntun yìí ṣe pàtàkì: bí a kò bá ṣe é, àdánù ìlà kejì yóò dà pọ̀ mọ́ ti ìlà kìíní, a kò sì ní mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè.

Nínú orin wa yìí, ìlà kìíní àti ìlà kẹrin dúró ṣinṣin. Ìlà kejì jò díẹ̀, ìlà kẹta jò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò méjì ni, kì í ṣe mẹ́rin.

Ihò kìíní: ohùn kan tí a ń pè léraléra

Dó márùn-ún ti ìlà kejì dà bí ohun tí ó rọrùn jù lọ nínú orin, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ohùn ti kọ́kọ́ ń yọ̀. Ìdí méjì ni.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè wa. Ẹ sọ gbólóhùn yìí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́: «Túndé kò gbé ìlù wá.» Ohùn òkè ni ó wà lórí *dé*, òun ni ó wà lórí *gbé*, òun náà ni ó wà lórí *wá*. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi etí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ pé *gbé* rẹlẹ̀ ju *dé* lọ, *wá* sì rẹlẹ̀ ju *gbé* lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ó fa ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀bi kankan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá ní kí a gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ohùn kan ṣoṣo, ahọ́n tí ó ti mọ ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ yóò fẹ́ tọ̀ ọ́.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ mú lá láti ara díápásọ̀nù, kí ẹ fi lá yẹn nìkan kọ gbólóhùn Túndé, ìró méje lórí ohùn kan. Ẹ di *wá* mú, kí ẹ sì fi irin sí etí. Ẹgbẹ́ tí kò tíì ṣe é rí yóò sábà bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ irin. Kí wọ́n wá tún un ṣe báyìí: kí wọ́n kọ́kọ́ fi «nú» kọ ìró méjèèje, kí ohùn wọn má kúrò lójú kan, kí wọ́n fi fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ náà nìkan kọ ọ́, kí wọ́n tó dá kọ́ńsónáǹtì padà sí i. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fiyè sí *kò*, *ì* àti *lù*, nítorí pé lórí àwọn ìró olóhùn ìsàlẹ̀ yìí ni ohùn ti ń yọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ orin gan-an ṣe bákan náà.

Ìdí kejì ni èémí. Dó márùn-ún náà wà ní òpin ìlà, nígbà tí èémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èémí tí ń tán lọ kò sì lè gbé ohùn dúró. Ọ̀pọ̀ akọrin máa ń mí lẹ́yìn ìlà, nígbà tí ohùn ti jábọ́ ná. Kí wọ́n mí *ṣáájú* dó àkọ́kọ́. Níbi tí ènìyàn méjì bá ti ń kọ ohùn kan náà, kí ọ̀kan mí kí èkejì di ohùn mú, kí ìlà má baà já. A máa fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí orí ìwé ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ti mí. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a óò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún.

Ihò kejì: àtẹ̀gùn tí a ń sọ̀

Nígbà tí a bá ń sọ àtẹ̀gùn ilé, ẹsẹ̀ wa ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá ń gùn ún, a ní láti sapá. Ohùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ máa ń fẹ̀ jù, ìgbésẹ̀ ìgòkè máa ń kéré jù, àdánù sì ń wà níhà méjèèjì. Nínú ìlà kẹta wa, akọrin sọ̀ láti dó dé fá ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ díẹ̀ jù, nígbà tí wọn yóò fi dé fá, fá náà kì í ṣe fá mọ́, sọ́ọ̀lì tí wọ́n padà sí kì yóò sì dé ipò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gùn bákan náà. Láti dó sí sí bẹ́mọ́ọ̀lù, odidi ni. Láti ibẹ̀ sí lá, ìdajì péré ni. Láti lá sí sọ́ọ̀lì àti láti sọ́ọ̀lì sí fá, odidi ni. Ìgbésẹ̀ ìdajì náà ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé etí máa ń sọ ọ́ di ohun tí ó fẹ̀ ju ìdajì lọ. A máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí lá fi èjìká kan sí bẹ́mọ́ọ̀lù, kí ó má jìnnà sí i.

Ohun tí ó ń tún ìlà yìí ṣe jù lọ ni ohùn òpó. Kí ẹnì kan pa ẹnu dé, kí ó máa kùn fá láìdúró, kí ó mí nígbà tí ó bá nílò rẹ̀, kí ó sì tún padà sí i. Tàbí kí dùùrù di fá mú bí ó bá wà. Kí àwọn yòókù wá kọ ìlà kẹta lórí òpó náà ní ìlọ́po méjì àkókò rẹ̀, kí wọ́n dúró lórí ohùn kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi balẹ̀ sórí òpó láìmì. Ẹ ó gbọ́ ojú ibi tí ìmìtìtì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìlà bá dúró lórí òpó, ẹ yọ òpó kúrò, kí ẹ kọ ọ́ lásán, kí ẹ sì dá òpó padà ní ohùn ìparí nìkan láti fi wò ó.

Ìdánwò mìíràn tún wà: ẹ kọ dó, ẹ fi ọkàn kọ ohùn mẹ́ta tí ó wà láàárín láìyanu, kí ẹ wá kọ fá síta papọ̀. Bí fá ẹni mẹ́fà bá bára wọn mu, tí ó sì bá dùùrù mu, àtẹ̀gùn náà ti wà nínú wọn.

Ohun kan kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba olórí. Lá tí ó dùn jù lọ lórí fá rẹlẹ̀ díẹ̀ ju lá díápásọ̀nù lọ, ní nǹkan bí ìdá kan nínú méje ìdajì ìgbésẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá di fá àti lá mú papọ̀ tí lá bá wà nísàlẹ̀ irin ní ìwọ̀n kékeré yẹn, ìdùn orin ni, kì í ṣe jíjò. Nítorí èyí, fá tí ó jẹ́ ilé ni kí a fi ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Bí ihò bá dí, tí orin sì tún ń rẹlẹ̀

Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí ohùn kò dúró, ohun méjì ni ó kù láti wò.

Èkíní ni ìdúró akọrin. Ẹni mẹ́fà tí ó tò ní ìlà gbọọrọ kò lè gbọ́ ara wọn: ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun kan kò mọ ohun tí ti ìpẹ̀kun kejì ń ṣe. Kí wọ́n dúró ní àbọ̀ òṣùpá, kí ẹni tí ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ wà ní àárín, nítorí pé lórí ohùn rẹ̀ ni gbogbo ohùn yòókù dúró lé. Kí wọ́n kọ ẹsẹ̀ kan ní ìdajì agbára wọn. Bí orin kò bá rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, tí ó sì rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ kíkan, àìgbọ́ra-ẹni ni àrùn náà.

Èkejì ni ibùgbé orin fúnra rẹ̀. Fá jẹ́ ibùgbé tí ó ti da ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin láàmú, nítorí pé ní àyíká mí àti fá ni ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yí padà láti ohùn àyà sí ohùn orí. Bí ilé orin bá wà lórí oríkèé gan-an, gbogbo ìgbà tí a bá padà sílé ni a ó máa fi ẹsẹ̀ kọ. Ẹ gbé orin náà sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, sí fá díẹ́sì, kí ẹ tún kọ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ohùn àkọ́kọ́ bá ti ń lágbára jù, ẹ gbé e wá sí mí dípò rẹ̀. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé ìdajì ìgbésẹ̀ péré lè mú orin kan dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rẹlẹ̀ ní ìlà kan náà nínú ibùgbé tuntun, ẹ padà sí ihò yín: ibùgbé kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Ààlà iṣẹ́ yìí

Kì í ṣe gbogbo àdánù ni ó ti ọwọ́ akọrin wá. Onímọ̀ ìṣirò kan tí a bí ní Fẹ́nísì, Jofáánì Bàtísítà Bẹnẹdẹ́tì, fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1585 pé bí akọrin bá ń mú ohùn kan láti inú àkójọ ohùn kan bọ́ sínú èkejì láìyẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìdùn pípé so ohùn yòókù mọ́ ọn, àwọn ìtẹ̀léra kan wà tí yóò gbé orin kúrò ní ipò rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìdajì ìgbésẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn kọ ọ́ dáadáa, orin sì rẹlẹ̀ síbẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ má gbé gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé lé ohùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, kí wọ́n tọ́jú ohùn ilé sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì padà sí òun gan-an. Láàárín ẹsẹ̀ méjì, olórí lè fi díápásọ̀nù sí ẹ̀yìn etí, kí ó kùn ohùn ilé jẹ́ẹ́jẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ tí ó kàn.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kí ó máa dá gbé orin sókè ní àárín ẹsẹ̀ níwájú àwùjọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni ó ń kọ, ohùn rẹ̀ yóò máa ba ti àwọn márùn-ún yòókù jà, àwọn olùgbọ́ yóò sì rò pé òun ni ó ṣì í. Orin tí ó rẹlẹ̀ papọ̀ sàn fún etí ju orin tí ó pín sí méjì lọ. Ọjọ́ ìdánrawò ni ọjọ́ àtúnṣe.

Bákan náà, orin ìbílẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń kọ nílé, tí kò ní bá ohun èlò kankan pàdé, kò jẹ díápásọ̀nù ní gbèsè. Bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ó rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Orin tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ parẹ́, tàbí tí dùùrù ń dúró dè ní ẹsẹ̀ kẹrin, ni a ń bá ṣe iṣẹ́ yìí.

Fún ìdánrawò tí ó ń bọ̀, ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ kọ ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ kọ iye tí ohùn ilé jẹ́ ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí èyí tí ó jò. Ẹ mú ìlà kan péré nínú wọn, èyí tí ó jò jù, kí ẹ kọ ọ́ lórí ohùn òpó. Ẹ wá tún ẹsẹ̀ mẹ́ta kọ, kí ẹ sì fi iye tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Bí 330 bá ti di 338, ihò kan ti dí. Ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ ni ti èkejì.